Bí A Ṣe Ń Tú Lẹ́tà 37 Tí Gàlílíò Dà Rú

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1610, Gàlílíò, onímọ̀ ìràwọ̀ ará Ítálì, kọ̀wé ránṣẹ́ sí ìlú Práàgù. Ohun tó fẹ́ sọ kò ṣe é kà rárá. Báyìí ló ṣe wà:

```
smaismrmilmepoetaleumibunenugttauiras
```

Ó ti fi awò rẹ̀ rí ohun tuntun kan lójú ọ̀run. Ó fẹ́ kí ayé mọ̀ pé òun ló kọ́kọ́ rí i, ṣùgbọ́n kò tíì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ ohun tó jẹ́. Ó kọ ọ́ ní èdè Látìnì, ó sì da lẹ́tà rẹ̀ rú bí ẹni da ọmọ ayò sílẹ̀. Bí ẹlòmíràn bá dìde lọ́la pé òun ló ni ín, Gàlílíò yóò kàn tún lẹ́tà rẹ̀ tò, ẹjọ́ parí.

Mo gé páálí sí wẹ́wẹ́ 37, mo kọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì tẹ́ wọn sórí tábìlì. Mo ti mọ ìdáhùn rẹ̀ tẹ́lẹ̀, torí pé ó ti wà nínú ìwé ìtàn tipẹ́. Ohun tí mo fẹ́ wò ni bóyá ipa ọ̀nà kan wà tí ènìyàn lè tọ̀ dé ibẹ̀, tí kì í ṣe pé ó kàn ń méfò.

Kí ènìyàn máa ti lẹ́tà síwá sẹ́yìn títí ọ̀rọ̀ yóò fi yọ jáde, iyẹn kò lè débì kankan. Lẹ́tà mẹ́wàá péré, bí wọn kò bá jọra, ọ̀nà 3,628,800 la lè gbà tò wọ́n. Ti 37 kò ṣe é fẹnu sọ. Ìdí nìyí tí ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí kì í fi wo lẹ́tà lẹ́yọ lẹ́yọ. Ìdì ló ń wá, ìyẹn lẹ́tà méjì, mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tó máa ń rìn pọ̀ nínú èdè náà.

Àwa náà ní irú rẹ̀. Bí mo bá rí "àì" níwájú ọ̀rọ̀, mo ti mọ irú èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn: àìsùn, àìjẹun, àìgbọràn. Bí mo bá rí "oní", mo ń retí ohun tí ẹnì kan ní tàbí tó ń ṣe: oníṣòwò, onígbèsè. Iwájú ọ̀rọ̀ ni àfòmọ́ tiwa máa ń wà. Látìnì náà ní àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ìrù ọ̀rọ̀ ni ẹrù rẹ̀ pọ̀ sí. Ìrù yẹn ló ń sọ ẹni tó ṣe nǹkan, ìgbà tó ṣe é, àti ohun tó ṣe é sí. Ẹni tó bá fẹ́ tú Látìnì, ìrù ni kó kọ́kọ́ dì mú.

Mo ka ohun tó wà níwájú mi ná. Lẹ́tà "m" jẹ́ márùn-ún. "A", "e", "i" àti "u" jẹ́ mẹ́rin mẹ́rin; "s" àti "t" mẹ́ta mẹ́ta; "l", "n" àti "r" méjì méjì; "b", "g", "o" àti "p" ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò sí "v" nínú wọn, nítorí "u" ni wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì. "M" márùn-ún yẹn ló kọ́kọ́ fa ojú mi, nítorí -um àti -am ni ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ Látìnì ń parí sí nígbà tí wọ́n bá jẹ́ ohun tí a ṣe nǹkan sí.

Ibi tí mo ti kọ́kọ́ ṣìnà nìyí: mo mú ìdì -orum àti -ibus, tí àwọn méjèèjì wọ́pọ̀ gan-an. Mo tilẹ̀ rí templum nínú èyí tó ṣẹ́kù. Ṣùgbọ́n "o" àti "b" kan ṣoṣo tí mo ní ti bá wọn lọ, ọ̀rọ̀-orúkọ ló sì kún ọwọ́ mi, kò sí ẹni tó ń ṣe nǹkan kan. Mo dá gbogbo rẹ̀ padà. Lẹ́tà tó bá jẹ́ ẹyọ kan, ó yẹ kí a rò ó dáadáa kí a tó ná an.

Mo wá bi ara mi pé kí ni ẹni tó rí nǹkan lójú ọ̀run máa fẹ́ sọ. Yóò ní "mo rí i." Ní Látìnì, -avi ní ìrù ọ̀rọ̀-ìṣe túmọ̀ sí pé èmi ni mo ṣe é, mo sì ti ṣe é tán. Ob- jẹ́ àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ tó wọ́pọ̀, "o" kan àti "b" kan sì nìyí. Mo pa orí àti ìrù pọ̀, ó di observavi: mo ti ṣàkíyèsí. Lẹ́tà mẹ́sàn-án lọ, ó ku 28.

Àfòmọ́ ìparí -issimum ni mo tún mú. Òun ni Látìnì fi ń sọ pé nǹkan kan ga jù, tàbí dára jù lọ. Ó gba lẹ́tà méje, "s" sì tán nílẹ̀ pátápátá. Èyí ṣe pàtàkì, nítorí gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá ní "s" ti kúrò nínú ohun tí mo lè máa rò. Ó ku 21. "P" kan ṣoṣo ló wà, "l" sì jẹ́ méjì. Onímọ̀ ìràwọ̀ ni ẹni tó kọ ọ́, nítorí náà mo gbìyànjú planetam, ó sì wọlé. Ó ku 13: a, l, t, t, i, m, m, u, n, e, e, r, g.

Ter- jẹ́ àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ tó ń sọ pé nǹkan jẹ́ mẹ́ta. Mo fà á yọ. Nínú mẹ́wàá tó kù, alt- lọ bá -issimum, ó di altissimum, tó ga jù lọ. Méje ló wá ṣẹ́kù sórí tábìlì, wọ́n sì jẹ́ geminum láìsí ìjà: ìbejì. Altissimum planetam tergeminum observavi. Mo ti ṣàkíyèsí pé plánẹ́ẹ̀tì tó ga jù lọ jẹ́ mẹ́ta lápapọ̀. Sátọ̀nù ni, èyí tó jìnnà jù nínú àwọn tí wọ́n mọ̀ nígbà náà. Òrùka rẹ̀ ni Gàlílíò rí. Awò rẹ̀ kò lágbára tó láti fi í hàn bí òrùka.

Kẹ́pílà, onímọ̀ ìṣirò ọba ní Práàgù, kò dúró de àlàyé. Ó tò wọ́n ní tirẹ̀: Salve umbistineum geminatum Martia proles. Ó ń kí àwọn ọmọ méjì Máàsì ni. Mo fi páálí mi tò ó, lẹ́tà 37 náà pé, kò sí ọ̀kan tó ṣẹ́ kù, kò sí ọ̀kan tó dín. Pípé lẹ́tà nìkan kò tó ẹ̀rí nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ wo umbistineum. Kò sí Látìnì kan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Kẹ́pílà fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé ìlà náà kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ Látìnì tó mọ́. Òun ti gbà tẹ́lẹ̀ pé Máàsì ní òṣùpá méjì, torí pé ayé ní ọ̀kan, Júpítà sì ní mẹ́rin. Ó mú ọ̀rọ̀ tó fẹ́ gbọ́ sílẹ̀ kọ́kọ́, ó wá fi ipá so èyí tó ṣẹ́kù pọ̀. Bí èyí tó kẹ́yìn bá ní láti di ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò sọ rí, ìdì kan tí a ti mú ṣáájú ni kò tọ́. Ti Gàlílíò kò rí bẹ́ẹ̀: bí ìdì ṣe ń lọ, èyí tó kù ń rọrùn sí i.

Ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn kan náà, Gàlílíò tú u fún wọn. Òṣùpá Máàsì jẹ́ méjì lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọdún 1877 ni Ásáfù Họ́ọ̀lù tó rí wọn ní Amẹ́ríkà.