Fọ́tò Ńlá, Káàdì Kékeré

Ayàwòrán kan gbé fọ́tò ìgbéyàwó kan wá bá mi. Fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ píksẹ́lì 3000, gíga rẹ̀ 2000. Oníbàárà rẹ̀ fẹ́ fi í ṣe bánà, nítorí náà ó fẹ́ sọ fífẹ̀ àti gíga rẹ̀ di ìlọ́po mẹ́rin. Real-ESRGAN ló lò, ètò kọ̀ǹpútà tó máa ń mú fọ́tò tóbi láìjẹ́ kó ṣú bàìbàì. Kò pẹ́ tó fi rí `CUDA out of memory`. Mẹ́mórì káàdì àwòrán rẹ̀ kò ju gígábáìtì 4 lọ.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, fáìlì yìí ò mà tó mẹ́gábáìtì 5!" Òótọ́ ni, àmọ́ ìwọ̀n tí wọ́n ti fún pọ̀ nìyẹn. Nínú káàdì, nọ́ńbà 64 ni ètò náà ń gbé fún píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan. Tó bá kù díẹ̀ kó parí, fọ́tò ti di 12000 sí 8000, ìyẹn píksẹ́lì mílíọ̀nù 96. Bí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan bá gba báìtì 2 péré, ìpele kan ṣoṣo nínú iṣẹ́ náà á gbà ju gígábáìtì 12 lọ.

Ohun tí a ṣe ni pé a ní kó gé fọ́tò náà bíi táìlì:

```
python inference_realesrgan.py -n RealESRGAN_x4plus -i igbeyawo.jpg -s 4 -t 400
```

Táìlì 40 ni, mẹ́jọ ní ìbú, márùn-ún ní òòró. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń wọlé, ìpele tó ń gba gígábáìtì 12 sì wá sílẹ̀ sí nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 360.

Ojú àwọn èèyàn inú fọ́tò dára, àmọ́ ìlà tín-ín-rín kan là gba ara ògiri funfun tó wà lẹ́yìn ìyàwó. Ètò yìí máa ń wo àwọn píksẹ́lì tó yí ọ̀kan ká kó tó mọ ohun tí yóò kùn síbẹ̀. Létí táìlì, kò sí aládùúgbò mọ́, òdo ló ń bá níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi ń gé táìlì kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní píksẹ́lì 10 sí i ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, tó sì ń gé àjẹṣẹ́kù náà dànù lẹ́yìn iṣẹ́. Nígbà mìíràn, 10 kì í tó. Bí ìlà bá ń yọjú ní píksẹ́lì 1600, 3200 àti 4800, ojúùpàdé táìlì ni, kì í ṣe ògiri ló lanu. A fi `--tile_pad 32` kún un, ìlà náà sì pòórá.

Ó bi mí pé ṣé kí òun kúkú lo táìlì 100, kí ọkàn òun lè balẹ̀. Mo ní rárá o. Pẹ̀lú àlékún 32 yìí, 164 sí 164 ni yóò ṣiṣẹ́ lé lórí kó tó rí 100 sí 100 mú jáde. Iṣẹ́ náà á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta.

Ohun kan tún wà tí táìlì kékeré kò lè wò sàn. Inú káàdì yìí kan náà ni ètò náà ń to àwòrán tó ti parí sí. Tiwa gba bíi mẹ́gábáìtì 576 níbẹ̀. Bí fọ́tò bá tóbi ju tiwa lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá, kódà táìlì 50 yóò mú àṣìṣe yẹn padà wá. Nígbà náà, ọwọ́ ẹni la ó fi gé fọ́tò sí mẹ́rin tàbí mẹ́jọ, kí etí wọn gun ara wọn díẹ̀, ká tó wá lẹ̀ wọ́n pọ̀ nínú mẹ́mórì kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀.