Wọ́n Yí Ṣíìfìtì Yín Padà: "Mo Ti Rí I" Kọ́ Ni "Mo Gbà"

Ẹ ó ti rí irú àtẹ̀jíṣẹ́ yìí rí, èyí tó máa ń wọlé lórí Wásáàpù lálẹ́ ọjọ́ Àìkú: "Láti ọ̀la lọ, ṣíìfìtì ti yí padà. Ẹ fi àmì àtàǹpàkò sí i tẹ́ ẹ bá ti rí i." Gbogbo yín fi sí i. Ọ̀gá gbà pé ẹ ti fara mọ́ ọn, ẹ̀yin sì gbà pé ẹ kàn jẹ́ ìpè ni.

Ká ní ilé iṣẹ́ búrẹ́dì kan wà níbí, ní Òmùpo. Ṣíìfìtì méjì ni wọ́n ń ṣe: aago 6 àárọ̀ sí 2 ọ̀sán, àti 2 ọ̀sán sí 10 alẹ́, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀. Ọ̀gá wá fẹ́ sọ ọ́ di wákàtí 12: aago 6 àárọ̀ sí 6 ìrọ̀lẹ́, àti 6 ìrọ̀lẹ́ sí 6 àárọ̀, ọjọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀. Wákàtí 48 ni méjèèjì, ọ̀gá á sì ní kò sí ohun tó yí padà. Ẹ bi ẹni tó ń wá láti Àjàṣẹ́-Ìpo, tó fi ọmọ kékeré sílẹ̀ nílé, bóyá kò sí ohun tó yí padà.

Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà, tó wà fún àwọn tó ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ àti àwọn akọ̀wé, kì í ṣe fún àwọn ọ̀gá, sọ ohun méjì tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń pò pọ̀. Abala 7 ní tí àkókò iṣẹ́ bá yí padà, ọ̀gá gbọ́dọ̀ fi ìwé sọ ọ́ fún òṣìṣẹ́, kó má sì ju oṣù kan lọ lẹ́yìn àyípadà náà. Ìfitónilétí lásán nìyẹn. Abala 13 ló sọ bí wákàtí iṣẹ́ ṣe ń fìdí múlẹ̀: àdéhùn láàárín ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ wà níbẹ̀, ìdúnàádúrà pẹ̀lú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ náà sì wà níbẹ̀. Nítorí náà, ìwé tó kàn sọ fún yín kò tíì gba ohùn yín.

Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ wo ìwé àdéhùn iṣẹ́ yín. Tó bá ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọ̀gá lè yí ṣíìfìtì padà, ọ̀rọ̀ náà yàtọ̀.

Tó bá jẹ́ èmi ni ọ̀gá ilé búrẹ́dì yẹn, lẹ́tà kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ni màá kọ, báyìí:

"Aago 6 àárọ̀ sí 2 ọ̀sán lẹ ń ṣiṣẹ́ báyìí, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀. A fẹ́ kó di aago 6 ìrọ̀lẹ́ sí 6 àárọ̀, ọjọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀, láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù tó ń bọ̀. Owó oṣù yín kò ní dín kù. Ẹ ó ní ìsinmi wákàtí kan láàárín iṣẹ́. A ó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá wa lóhùn láàárín ọjọ́ 14."

Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni màá fi àyè mẹ́ta sí: mo gbà, mi ò gbà, mo lè gbà tí ẹ bá ṣe báyìí. Àyè kẹta yẹn ló máa ń yanjú ọ̀pọ̀ ìjà, torí ibẹ̀ lẹnì kan ti lè kọ ọ́ pé owó ọkọ̀ òru nìkan lòun ń fẹ́. Ẹ má kọ ọ́ pé "tí a kò bá gbọ́ láti ọ̀dọ̀ yín, a jẹ́ pé ẹ gbà". Ìdákẹ́ kì í ṣe ìbuwọ́lù.

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ náà, tí wọ́n bá ní kí ẹ fọwọ́ sí i, ẹ kọ "mo ti gba ìwé yìí, mi ò tíì fara mọ́ ọn" sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ yín, kí ẹ sì ya fọ́tò rẹ̀. Tí ẹ bá ń bá ṣíìfìtì tuntun lọ fún ọ̀pọ̀ oṣù láìsọ nǹkan kan, ilé ẹjọ́ lè kà á sí pé ẹ ti gbà. Tí ebi ò bá jẹ́ kẹ́ ẹ lè dúró nílé, ẹ lọ síbi iṣẹ́, àmọ́ ẹ fi lẹ́tà kúkúrú sọ pé ẹ̀ ń ṣe é pẹ̀lú àtakò.

Ọ̀gá tí wọn ò gbà fún lè fi ìwé ìkìlọ̀ fòpin sí iṣẹ́ náà. Abala 11 ní kó fún ẹni tó ti lo ọdún márùn-ún ní oṣù kan, ẹni tó ti lo ọdún méjì sí márùn-ún ní ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ mọ èyí kí ẹ tó dáhùn.

Ohun kan wà nínú àpẹẹrẹ wa tí ìbuwọ́lù ò lè tún ṣe: abala 55 kò fàyè gba kí wọ́n gba obìnrin síṣẹ́ òru ní ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọjà jáde. Òfin náà yọ àwọn nọ́ọ̀sì sílẹ̀, àti àwọn obìnrin tó wà nípò ọ̀gá tí wọn kì í fọwọ́ ṣiṣẹ́. Ẹ lè bá òfin yẹn jiyàn, èmi náà ń bá a jiyàn, ṣùgbọ́n ó ṣì wà níbẹ̀. Obìnrin tó ń po ìyẹ̀fun ní ilé búrẹ́dì wa yẹn, ṣíìfìtì òwúrọ̀ nìkan ni ọ̀gá lè kọ sínú lẹ́tà rẹ̀.