Ìlà Kan Láàárín Àmì Mẹ́fà

Ìlà tó bá àmì mu jù ni ìlà tààrà kan ṣoṣo tó gba àárín àwọn àmì orí bébà gíráàfù kọjá, tó sì sún mọ́ gbogbo wọn lápapọ̀, bí kò tilẹ̀ kan ọ̀pọ̀ nínú wọn. Kò sí ìwọ̀n tí kò ní àṣìṣe díẹ̀ nínú. Ojú lè wo rúlà láti ẹ̀gbẹ́, ohun tí wọ́n ń wọ̀n sì lè máa mì. Ìlà yìí ló ń fi hàn bí ọ̀rọ̀ ì bá ṣe rí ká ní àwọn àṣìṣe kéékèèké yẹn kò sí.

Sípíríìngì tí wọ́n fi kọ́ sókè, tí wọ́n ń so irin mọ́ nísàlẹ̀, ni àpẹẹrẹ tó rọrùn jù. Ní 1678 ni Robert Hooke, ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣàlàyé òfin rẹ̀ pé bí ẹrù bá ṣe pọ̀ tó ni sípíríìngì ṣe ń nà tó. Ká ní àtẹ kan sọ pé nígbà tí ẹrù jẹ́ gíráàmù 50, gígùn sípíríìngì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 12.1, ní 100 ó jẹ́ 14.0, ní 150, 16.2, ní 200, 17.9, ní 250, 20.1, ní 300, 22.0.

Ẹrù ni ẹni tó ń ṣe àyẹ̀wò ń fọwọ́ ara rẹ̀ yí padà, nítorí náà orí ìlà ìbú ló ń wà. Gígùn tó ń tẹ̀lé e bọ́ sórí ìlà òòró. Lórí bébà tí àpótí ńlá rẹ̀ fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 2, tí kéékèèké mẹ́wàá sì wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, àpótí ńlá kan lè dúró fún gíráàmù 50 ní ìbú, kó sì dúró fún sẹ̀ǹtímítà 2 ní òòró. Òòró lè bẹ̀rẹ̀ láti 10, torí pé kò sí gígùn kankan nínú àtẹ tó kéré sí i, àmọ́ ìbú gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 0. Ìdí rẹ̀ yóò hàn láìpẹ́. Sìkélì tí àpótí kan bá dúró fún 3 tàbí 7 kò dára, nítorí kíka ìdá rẹ̀ máa ń da orí rú.

Pẹ́ńsù tó mú ṣóńṣó ni wọ́n fi ń sàmì, àmì náà sì máa ń jẹ́ × kékeré. Lójú sìkélì yìí, àpótí kékeré kan ní òòró jẹ́ 0.2. Nítorí náà, 16.2 wà ní àpótí kékeré kan lókè 16, nígbà tí 17.9 wà ní ìdajì àpótí kékeré nísàlẹ̀ 18.

Ibi tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣìnà ni fífà ìlà fúnra rẹ̀. Wọ́n á so àmì pọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìlà á wá rí wọ́gọwọ̀gọ, gbogbo àṣìṣe ìwọ̀n á sì wà nínú rẹ̀ síbẹ̀. Èyí tó sàn jù ni kí wọ́n kọ́kọ́ wá ìpíndọ́gba. Ti ẹrù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jẹ́ 175, ti gígùn jẹ́ 17.05. Wọ́n á sàmì ibẹ̀, wọ́n á gbé rúlà tí ojú ń là kọjá lé e, wọ́n á sì máa yí rúlà náà lórí ibẹ̀ títí àwọn àmì tó wà lókè àti nísàlẹ̀ yóò fi ṣe déédéé. Iye àmì nìkan kọ́ ni wọ́n ń wò o. Jíjìnnà wọn sí ìlà ṣe pàtàkì jù. Nínú àpẹẹrẹ yìí, àmì 150 àti 250 bọ́ sókè díẹ̀, 100 àti 200 bọ́ sísàlẹ̀, àwọn méjì tó kù sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lórí ìlà gan-an.

Bí wọ́n bá fa ìlà náà dé ibi tí ẹrù ti jẹ́ 0, yóò kan òòró ní nǹkan bíi 10.1. Ìyẹn ni gígùn sípíríìngì kí wọ́n tó so ohunkóhun mọ́ ọn. Ẹni tó bá fi tipátipá mú ìlà gba ibi tí ẹrù àti gígùn ti jẹ́ 0 ń sọ pé sípíríìngì tí kò gbé ẹrù kò ní gígùn rárá!

Láti mọ bí ìlà ṣe dagẹ̀rẹ̀ tó, ibi méjì tó jìnnà síra lórí ìlà ni wọ́n ń mú, kì í ṣe àmì inú àtẹ. Níbi 25, ìlà wà ní 11.1, níbi 275, ó wà ní 21.0. Ìyàtọ̀ 9.9 tí wọ́n fi 250 pín jẹ́ 0.0396, ìyẹn ni pé gíráàmù 100 ń fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 4 kún gígùn. Ọ̀nà ìṣirò tí Adrien-Marie Legendre, ará Faransé, tẹ̀ jáde ní 1805 kò nílò ojú. Ó ń wo jíjìnnà àmì kọ̀ọ̀kan sí ìlà, ní òòró, ó ń fi jíjìnnà náà sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, ó sì ń wá ìlà tí àpapọ̀ èsì wọn kéré jù. Lórí àtẹ yìí, ó fúnni ní 0.0397. Ojú tó fara balẹ̀ kò jìnnà sí ìṣirò.

Bí àmì kan bá dá wà, bíi kí 150 fi 18.2 hàn, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti ṣi rúlà kà. Kí wọ́n tún un wọ̀n. Bí kò bá ṣeé tún wọ̀n, kí wọ́n fi òbìrìkìtì yí i ká, kí wọ́n má sì jẹ́ kó fa ìlà sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni tàwọn àmì tó wà nísàlẹ̀ ìlà láàárín, àmọ́ tí wọ́n wà lókè rẹ̀ ní ìpẹ̀kun méjèèjì. Ìyẹn kì í ṣe àṣìṣe ojú. Ó ṣeé ṣe kí ẹrù ti pọ̀ kọjá ohun tí sípíríìngì lè gbé, kó sì ti máa nà jù bó ṣe yẹ lọ. Ibi tí àwọn àmì ti bẹ̀rẹ̀ sí í yà sókè ni ìlà tààrà gbọ́dọ̀ parí sí.