Kí ẹ tó dá owó sí òwò, ẹ bi oníṣirò: níbo lowó tó kọ́kọ́ wọlé yóò máa gbé?

Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ọ̀rọ̀ yìí bá ìṣirò èrè mu. Oníṣirò owó lè sọ fún èèyàn pé òwò kan yóò pa ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún lérè lọ́dọọdún, kí inú olówó dùn, ṣùgbọ́n tí ọdún bá pé, kí owó ọwọ́ rẹ̀ má tó bẹ́ẹ̀. Oníṣirò kò purọ́ o. Ohun kan ló wà níbẹ̀ tí kò sọ.

Ẹ jẹ́ ká fi ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ṣe àpẹẹrẹ. Mílíọ̀nù kan náírà ló wà lọ́wọ́ wọn, òwò ọlọ́dún mẹ́ta méjì ló sì wà níwájú wọn. Èkíní ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́. Lẹ́yìn owó epo àti owó òṣìṣẹ́, yóò mú N900,000 wọlé lọ́dún kìíní, N600,000 lọ́dún kejì, àti N450,000 lọ́dún kẹta tí ẹ̀rọ bá ti ń gbó. Èkejì ni màlúù sísìn. Wọn kò ní rí kọ́bọ̀ fún ọdún méjì, ṣùgbọ́n ní òpin ọdún kẹta, wọn yóò ta àwọn màlúù náà ní N2,500,000.

Ìṣirò tí ọ̀pọ̀ ń lò, tí a lè pè ní ìwọ̀n èrè abẹ́nú, sọ pé ẹ̀rọ ló dára jù: ìdá 50 lọ́dún, nígbà tí ti màlúù jẹ́ bí ìdá 36. Báwo ni wọ́n ṣe rí 50 yìí? Mílíọ̀nù kan lé ìdá 50 di N1,500,000. Wọ́n gba N900,000, ó ku N600,000 nínú òwò. Ìyẹn náà lé ìdá 50, ó di N900,000. Wọ́n gba N600,000, ó ku N300,000, tó di N450,000 lọ́dún kẹta. Wọ́n gbà á, ó tán.

Òótọ́ ni ìdá 50, àmọ́ owó tó ṣì wà nínú òwò nìkan ló ń pa á. Ọdún kan péré ni odindi mílíọ̀nù náà fi wà níbẹ̀. Kí mílíọ̀nù kan tó lè pa ìdá 50 fún ọdún mẹ́ta gbáko, kó di N3,375,000, àfi kí N900,000 àti N600,000 tó ti jáde tún rí òwò mìíràn tó ń pa ìdá 50. Ta ló ní irú òwò bẹ́ẹ̀ nílẹ̀?

Ibí yìí ni ìwọ̀n èrè tí wọ́n tún ṣe ti wúlò. Òun máa ń kọ́kọ́ béèrè iye tí owó tó jáde yóò pa níbi tí wọ́n bá gbé e sí. Ká ní báńkì yóò fún ẹgbẹ́ náà ní èlé ìdá 10 lọ́dún. N900,000 yóò di N1,089,000 lẹ́yìn ọdún méjì, N600,000 yóò di N660,000 lẹ́yìn ọdún kan. Tí a bá fi N450,000 ìkẹyìn kún un, ó di N2,199,000. Ìdá tó lè sọ mílíọ̀nù kan di iye yìí láàárín ọdún mẹ́ta jẹ́ bí 30. Ti màlúù kò kúrò ní 36, nítorí kò sí owó tó jáde ṣáájú òpin. Màlúù fi N301,000 ju ẹ̀rọ lọ.

Ṣùgbọ́n tí ẹgbẹ́ náà bá ń yá ọmọ ẹgbẹ́ lówó ní èlé tó lé ní ìdá 21, ẹ̀rọ ni yóò tún borí. Nítorí náà, èlé tí èèyàn bá fi sínú ìṣirò gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó dájú pé yóò rí gbà. Ìṣirò yìí kò sì mọ̀ pé màlúù lè kú. Ẹni tó ni owó ló gbọ́dọ̀ ro ìyẹn.

Ó tún wúlò fún òwò tó ń gba owó lẹ́ẹ̀kejì. Ẹni tó ná N1,000,000 láti wa yanrìn, tó rí N2,300,000 lọ́dún kìíní, tó wá ná N1,320,000 lọ́dún kejì láti dí kòtò, ìwọ̀n èrè abẹ́nú yóò fún un ní ìdáhùn méjì, ìdá 10 àti ìdá 20, méjèèjì á sì pé. Èyí tí wọ́n tún ṣe kì í fún èèyàn ju ẹyọ kan lọ.

Lórí kọ̀ǹpútà, `=MIRR(A1:A4,20%,10%)` ni wọ́n ń tẹ̀, níbi tí A1 ti jẹ́ owó tó jáde, `-1000000`, tí A2 dé A4 sì jẹ́ owó tó ń wọlé. 20% ni èlé owó tí wọ́n bá yá. 10% ni èlé ibi tí owó tó wọlé yóò máa gbé. Tí oníṣirò bá gbé ìwé rẹ̀ dé, nọ́ńbà ìkẹyìn yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kí ẹ sì bi í ibi tó ti rí i.