Kí Kámẹ́rà Kọ́kọ́ Dé

Nínú géèmù, ìran àwòṣe ni ibi tí ẹ̀dá-ìtàn ti ń sọ̀rọ̀, tí ẹni tó ń gbá géèmù kàn ń wò. Ìparí rẹ̀ ló máa ń dojú rú jù, nígbà tí àṣẹ bá ń padà sọ́wọ́ ẹni náà. Nínú Unity, Timeline ló ń darí irú ìran bẹ́ẹ̀: a to ègé ìran sórí ìlà àkókò. Bí ègé kámẹ́rà méjì bá fara kanra lásán, ojú ìran á yí lẹ́ẹ̀kan náà. Bí wọ́n bá gorí ara wọn, Cinemachine á máa dín agbára ti àkọ́kọ́ kù, á máa fi kún ti èkejì, títí kámẹ́rà yóò fi dé ibi ti èkejì. Ease Out Duration ní òpin ègé ìkẹyìn ló ń fi wọ́ọ́rọ́wọ́ dá ojú ìran padà fún kámẹ́rà géèmù. Ti ègé ìṣípòpadà ara náà ń dá ẹ̀dá-ìtàn padà sí ìdúró rẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí kámẹ́rà kọ́kọ́ dé, kí àṣẹ tó tẹ̀ lé e.

Ẹ jẹ́ ká wò ó báyìí. Akọni dúró, kámẹ́rà ìran ìkẹyìn ń wo ojú rẹ̀ láti iwájú, ti géèmù sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí a bá fi ìṣẹ́jú àáyá 1 da méjèèjì pọ̀, ọ̀nà tààrà láàárín wọn gba inú ara akọni kọjá, a ó sì rí inú orí rẹ̀ lágbedeméjì. Èyí tó burú jù ni ti ọwọ́: nínú ọ̀pọ̀ géèmù, ibi tí kámẹ́rà kọjú sí ni "iwájú" lórí páàdì. Ẹni tó bá ti tẹ iwájú nígbà tí kámẹ́rà ṣì wà níwájú akọni yóò rí i pé akọni yí padà sẹ́yìn, ó sì rìn ní kọ́rọkọ̀rọ títí kámẹ́rà fi dúró. Ohun tó tọ́ ni kí a yí ojú ìran lẹ́ẹ̀kan náà sí kámẹ́rà ẹ̀yìn èjìká rẹ̀, kí èyí wá rọra dà pọ̀ mọ́ ti géèmù.

Àwọn kan á ní dídúró de kámẹ́rà kí àṣẹ tó padà yóò sú ẹni tó ń gbá géèmù. Òótọ́ ni pé ìṣẹ́jú àáyá 2 ti pọ̀ jù fún ẹni tó ti ń tẹ páàdì. Ṣùgbọ́n bí kámẹ́rà méjèèjì bá sún mọ́ra, ìdajì ìṣẹ́jú àáyá tó, ìyẹn fírémù 30 nínú 60. Ẹni tí kò bá fẹ́ dúró rárá lè ṣírò "iwájú" láti ara kámẹ́rà géèmù tí à ń lọ bá, dípò èyí tó ṣì ń rìn. Àwọn mìíràn á ní kí ìdàpọ̀ gùn sí i láti bo ìyàtọ̀ ìdúró ara. Kò lè bò ó: bí ẹsẹ̀ bá jìnnà síra nínú ìdúró méjèèjì, yóò máa yọ̀ lórí ilẹ̀ ni. Ẹ parí ìran náà pẹ̀lú ìdúró tí géèmù yóò fi bẹ̀rẹ̀.

Bí akọni bá dúró gbagidi lẹ́yìn ìran náà tí páàdì kò sì mì ín, ẹ yẹ Wrap Mode wò. Lórí Hold, Timeline kì í parí fúnra rẹ̀, àṣẹ tí ẹ so mọ́ òpin rẹ̀ kò sì ní dé láéláé.