Ìbọn Dún ní Woolwich: Ta Ni Yóò Dáhùn fún Un?

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń wọ bọ́ọ̀sì láti Thamesmead lọ sí Woolwich ló mọ Wellington Street dáadáa. A ti rin ibẹ̀ lọ sọ́jà, a ti gba ibẹ̀ lọ síbi iṣẹ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ 22, oṣù Karùn-ún ọdún 2013, nítòsí ibi tí òpópónà náà ti pàdé Artillery Place, àwọn ọkùnrin méjì fi mọ́tò gbá Lee Rigby, sójà ọmọ ọdún 25, wọ́n sì fi ọ̀bẹ àti àdá pa á lójú gbogbo ayé. Orúkọ àwọn méjèèjì ni Michael Adébọ́lájọ àti Michael Adébọ̀wálé. Nígbà tí a gbọ́ orúkọ wọn lórí tẹlifíṣọ̀n, ọ̀pọ̀ òbí Yorùbá ní ìlú yìí di orí mú.

A ti sọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa ìwà ibi àwọn ọkùnrin wọ̀nyí. Ohun tí a kì í sábà sọ ni ohun tí àwọn ọlọ́pàá ṣe lọ́jọ́ náà. Ó sì yẹ kí a sọ ọ́, nítorí pé àwọn ọmọ wa ń béèrè ìbéèrè méjì lọ́wọ́ wa: ìgbà wo ni ọlọ́pàá lẹ́tọ̀ọ́ láti yìnbọn fún èèyàn? Bí ọ̀gá bá sì pàṣẹ ohun tí ẹ̀rí-ọkàn kọ̀, kí ni kí èèyàn ṣe?

Iṣẹ́jú mẹ́rìnlá

Agogo méjì kọjá ogún ìṣẹ́jú ni ìpè àkọ́kọ́ wọlé sí 999. Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà ni àwọn ọlọ́pàá àdúgbò dé. Wọn kò ní ìbọn lọ́wọ́, nítorí pé ọ̀pọ̀ jù lọ ọlọ́pàá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í gbé ìbọn. Àwọn tó pè sì ti sọ pé ìbọn wà lọ́wọ́ ọ̀kan nínú àwọn apànìyàn náà. Nítorí náà àwọn ọlọ́pàá náà dúró sẹ́yìn, wọ́n dí ojú ọ̀nà, wọ́n ń dá àwọn èèyàn padà. Agogo méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mọ́tò àwọn ọlọ́pàá tó ń gbé ìbọn tó dé. Àwọn mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, obìnrin ló sì ń wà á.

Mọ́tò náà kò tíì dúró dáadáa tí Adébọ́lájọ fi sáré kọjú sí i pẹ̀lú ohun èlò tí alápatà fi ń gé ẹran. Wọ́n yìnbọn fún un kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Adébọ̀wálé na ìbọn sí wọn, wọ́n sì yìnbọn fún òun náà. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ. Àwọn méjèèjì ṣubú.

Ohun tó tẹ̀ lé e ni mo fẹ́ kí a dúró lé lórí. Gbàrà tí wọ́n ti gba ohun ìjà lọ́wọ́ wọn, àwọn ọlọ́pàá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yìnbọn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í di ojú ọgbẹ́ wọn, tí wọ́n ń wá bí wọn kò ṣe ní kú. Àwọn méjèèjì yè. Ní ọjọ́ 19, oṣù Kejìlá ọdún yẹn, ilé ẹjọ́ Old Bailey dá wọn lẹ́bi ìpànìyàn. Ní oṣù Kejì ọdún 2014, adájọ́ ní kí Adébọ́lájọ kú sẹ́wọ̀n, kí Adébọ̀wálé sì lo ó kéré tán ọdún 45.

Ìwọ̀n agbára

Òfin ọdún 1967 ní ilẹ̀ yìí fún ọlọ́pàá, àti fún gbogbo èèyàn, ní ẹ̀tọ́ láti lo agbára láti dènà ìwà ọ̀daràn tàbí láti ran ìmúni tó bófin mu lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n agbára náà gbọ́dọ̀ bá ohun tó ń ṣẹlẹ̀ mu. Bí a bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, ìbéèrè méjì ni ká kọ́kọ́ bi. Ṣé ó di dandan, àbí ọ̀nà tó rọrùn wà tí yóò ṣiṣẹ́? Bó bá sì di dandan, ṣé ìwọ̀n rẹ̀ bá ewu náà dọ́gba? A kì í fi kùmọ̀ pa eṣinṣin tó bà lé èèyàn lójú. Bẹ́ẹ̀ náà ni a kò lè retí kí ẹni tí wọ́n fi àdá sáré sí fi ọwọ́ lásán dá a dúró.

Ẹ jẹ́ ká fi Woolwich wò ó. Wọ́n rí lẹ́yìn náà pé ìbọn ọwọ́ Adébọ̀wálé ti gbó gan-an, kò sì sí ọta nínú rẹ̀. Kò lè pa ẹnikẹ́ni. Ǹjẹ́ àwọn ọlọ́pàá ṣẹ̀, nígbà tí wọ́n yìnbọn fún ẹni tí ìbọn rẹ̀ ṣófo? Rárá. Òfin ọdún 2008 sọ pé ohun tí ẹni náà gbà gbọ́ tọkàntọkàn ní wákàtí yẹn ni a óò fi wò ó, kì í ṣe ohun tí a wá mọ̀ lọ́la. Òfin kan náà gbà pé ẹni tí ikú ń sáré bọ̀ wá bá kò lè mú òṣùwọ̀n jáde láti wọn agbára rẹ̀ síwá sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n kò fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Lórí ohun tó gbà gbọ́ yẹn, ilé ẹjọ́ ṣì ni yóò sọ bóyá agbára náà pọ̀ jù.

Ẹ wá kíyè sí ibi tí agbára ti parí. Nígbà tí àwọn ọkùnrin náà wà nílẹ̀ láìsí ohun ìjà, ewu ti lọ. Bí ọlọ́pàá kan bá ti inú bíbí fi ọta kan kún un nígbà náà, yóò ti di ọ̀ràn mìíràn pátápátá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìpànìyàn ni ẹni tó wà nílẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe. Ọlọ́pàá kì í ṣe adájọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dá ewu dúró. Ìdájọ́ wà níwájú. Nítorí pé wọ́n dúró níbi tó yẹ ni ìdílé Rigby fi rí ilé ẹjọ́ tí a ti sọ òtítọ́ ní gbangba.

Àwọn tó dúró sẹ́yìn

Ọ̀pọ̀ èèyàn bínú sí àwọn ọlọ́pàá àkọ́kọ́ tí wọn kò súnmọ́ tòsí. Obìnrin mélòó kan, tí kì í ṣe ọlọ́pàá, ti lọ bá sójà náà níbi tó wà, òmíràn sì dúró bá àwọn apànìyàn náà sọ̀rọ̀. Kí ló dé tí ọlọ́pàá fi dúró lẹ́yìn?

Ìbéèrè náà kò rọrùn, n kò sì fẹ́ kí a rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ọkàn ẹnikẹ́ni yóò fẹ́ sáré lọ. Ṣùgbọ́n bí ọlọ́pàá tí kò ní ìbọn bá kú sí ojú ọ̀nà yẹn, àwọn èèyàn tó yí ká kì bá ti ní ẹni tí yóò dá wọn padà. Níbí, ìlànà tó ní kí wọ́n dúró ń dáàbò bo ẹ̀mí. Kì í ṣe gbogbo àṣẹ tó dun ọkàn wa ló lòdì sí ẹ̀rí-ọkàn. Ìbéèrè tó yẹ ká bi ni pé: ẹ̀mí ta ni àṣẹ yìí ń dáàbò bò, ta ni ó sì ń pa lára?

“Ọ̀gá ló ní kí n ṣe é”

Ní ilẹ̀ yìí, olùdarí lè rán ọlọ́pàá jáde pẹ̀lú ìbọn, ó sì lè ṣètò bí iṣẹ́ náà yóò ṣe lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó fa ìbọn ni yóò dáhùn níwájú òfin fún ọta kọ̀ọ̀kan. Kò lè sọ pé ọ̀gá ló ní kí òun ṣe é. Ìlànà ìwà ọlọ́pàá ní kí wọ́n gbọ́ràn sí àṣẹ tó bófin mu, kí wọ́n má sì pa àṣẹ mìíràn. Ó tún ní kí wọ́n tako ẹlẹgbẹ́ wọn tó bá ń ṣe ohun tí kò tọ́, tàbí kí wọ́n fi í sùn. Lẹ́yìn ọ̀ràn Woolwich, àjọ tó dá dúró ni ó ṣèwádìí àwọn ọlọ́pàá náà, kì í ṣe àwọn ọ̀gá wọn.

Ẹ wo bí ó ṣe rí nígbà tí ẹ̀rí-ọkàn sọ̀rọ̀ tí ẹsẹ̀ kò tẹ̀ lé e. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2020, ní Minneapolis ní Amẹ́ríkà, ọlọ́pàá Derek Chauvin fi orúnkún tẹ ọrùn George Floyd mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án àti ààbọ̀. Ọlọ́pàá kan tó ń jẹ́ Thomas Lane, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, di ẹsẹ̀ ọkùnrin náà mú. Ẹ̀ẹ̀mejì ló béèrè bóyá kí wọ́n yí i sí ẹ̀gbẹ́. Chauvin, ẹni tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, kọ̀. Lane dákẹ́, ó sì ń di ẹsẹ̀ náà mú lọ. Floyd kú. Ìbéèrè tí Lane béèrè fi hàn pé ó mọ̀, síbẹ̀ kò ṣe é. Ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ dá a lẹ́bi pé kò ran ẹni tó wà níkàáwọ́ wọn lọ́wọ́, wọ́n sì rán an lẹ́wọ̀n ọdún méjì àti ààbọ̀.

A rí irú rẹ̀ nínú 1 Samuẹli orí 22. Saulu ọba pàṣẹ fún àwọn ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ kí wọ́n pa àwọn àlùfáà Oluwa, nítorí pé wọ́n ran Dafidi lọ́wọ́. Àwọn ẹ̀ṣọ́ náà dúró, wọn kò gbé ọwọ́ sókè. Wọn kò bú ọba, wọn kò dìtẹ̀. Wọ́n kàn kọ̀ ni. Doegi ará Edomu ló jẹ́ iṣẹ́ náà, àlùfáà 85 ló sì kú lọ́jọ́ kan. Ọba ló pàṣẹ, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n orúkọ Doegi ni Bíbélì kọ sílẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ náà.

Nínú ilé wa

Ohun kan tó yẹ kí àwọn òbí mọ̀: ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ náà, agbára ni. Bí ọlọ́pàá bá fi de ọmọ yín lójú pópó, ó gbọ́dọ̀ ní ìdí tí ó fi di dandan fún ọmọ yẹn, lọ́jọ́ yẹn, ó sì gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀. Kí ọmọ má bá a jà níbẹ̀. Kí ó béèrè ìdí pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, kí ó fi nọ́ńbà ọlọ́pàá náà sọ́kàn, kí ẹ sì kọ ẹ̀sùn sí iléeṣẹ́ ọlọ́pàá lẹ́yìn náà bí ẹ bá rí i pé agbára náà pọ̀ jù. Èyí tó bá wúwo gan-an yóò dé ọwọ́ àjọ tí wọ́n ń pè ní IOPC.

Àwọn ọmọ wa kan sì fẹ́ wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá. Mo dúpẹ́ fún wọn. Kí wọ́n lọ pẹ̀lú òye pé ọjọ́ kan lè dé tí ẹni tó jù wọ́n lọ yóò sọ pé kí wọ́n máa dì í mú lọ. Ọjọ́ náà kọ́ ni wọn yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ronú sí i.

Ẹ jíròrò lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́:

1. Bí ìwọ bá jẹ́ Lane, kí ni ò bá ṣe lẹ́yìn tí ọ̀gá kọ̀ lẹ́ẹ̀kejì?

2. Kí ló mú kó tọ́ fún àwọn ọlọ́pàá Woolwich láti tọ́jú ẹni tó fẹ́ pa wọ́n?

3. Àṣẹ wo ni o ti gbà rí, nílé, nílé ìwé tàbí níbi iṣẹ́, tó yẹ kí o béèrè ìdí rẹ̀?