Òwú Lójú Àmì Tó Ṣá: Bí Òṣìṣẹ́ Ìlera Ṣe Ń Mọ Ẹ̀tẹ̀ Yàtọ̀ sí Làpálàpá

Ẹ̀tẹ̀ sábà máa ń fi àmì kan tó ṣá bẹ̀rẹ̀ lára ènìyàn. Àmì náà kì í dunni, kì í yúnni, kì í sì í ṣẹ̀jẹ̀. Lára aláwọ̀ dúdú, ṣe ni ó máa ń rí bí ibi tí àwọ̀ ti dín kù. Nígbà mìíràn a pọ́n díẹ̀ bíi bàbà, ṣùgbọ́n kì í funfun báláú. Ẹni tó ní i lè gbé e kiri fún ọ̀pọ̀ oṣù láìkà á sí, nítorí pé kò dí i lọ́wọ́ iṣẹ́. Àwọ̀ yìí nìkan kò lè sọ àìsàn tó fà á. Ohun tó ń tú àṣírí ẹ̀tẹ̀ ni pé ojú àmì náà ti kú: bí òwú bá kàn án, ẹni tó ni ara kò ní mọ̀.

Ní Àgúà, tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àgbègbè tó para pọ̀ di ìjọba ìbílẹ̀ Báǹtè ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, ilé ìlera àgbègbè ni irú àmì bẹ́ẹ̀ máa ń kọ́kọ́ dé, bí ó bá dé ibì kankan rárá. Nọ́ọ̀sì ni ó máa ń wò ó níbẹ̀, kì í ṣe dókítà awọ. Báǹtè àti Sàfálù wà lábẹ́ ẹkùn ìlera kan náà, ilé ìwòsàn ẹkùn yìí sì ni a ń fi ọ̀rọ̀ tó bá le ránṣẹ́ sí. Lókè pátápátá, ètò ìjọba kan ṣoṣo ni ó ń bójú tó ẹ̀tẹ̀ àti egbò Bùrúlì pọ̀. Ìdí pọ̀ tí wọ́n fi so wọ́n pọ̀: kòkòrò méjèèjì jẹ́ ìbátan, awọ ni wọ́n ti ń hàn, àwọn méjèèjì ni wọ́n sì máa ń bẹ̀rẹ̀ láìdunni, èyí tó ń mú kí aláìsàn pẹ́ kó tó wá.

Nọ́ọ̀sì tó wà ní irú ibẹ̀ kò ní ẹ̀rọ ńlá. Ohun tó nílò jù ni ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, òwú díẹ̀ àti sùúrù. Iṣẹ́ rẹ̀ sì le ju bí ó ti rí lójú lọ, nítorí pé nínú àwọn tí wọ́n ń wá pẹ̀lú àmì tó ṣá, àwọn tí àìsàn wọn kì í ṣe ẹ̀tẹ̀ ló pọ̀ jù. Èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú wọn ni èyí tí kòkòrò bí olu ń fà.

Oríṣi méjì irú rẹ̀ ló wà tí ènìyàn lè ṣì mú. Àkọ́kọ́ ni làpálàpá, tó máa ń rí róbótó, tí etí rẹ̀ ga díẹ̀, tó máa ń hó, tí àárín rẹ̀ sì máa ń dán bí etí ṣe ń fẹ̀ síta. Ó máa ń yúnni gan-an. Èkejì ni àwọn àmì kéékèèké tó máa ń tú sí ọrùn, àyà, èjìká àti ẹ̀yìn, pàápàá lára ọ̀dọ́ tó máa ń làágùn púpọ̀. Àwọn náà máa ń ṣá, wọn kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ yúnni, ìdí nìyí tí wọ́n fi jọ ẹ̀tẹ̀ ju làpálàpá lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá fi èékánná ha ojú wọn, ìpẹ́ wẹ́wẹ́ bí ìyẹ̀fun yóò gbọ̀n kúrò. Ojú àmì ẹ̀tẹ̀ ní tirẹ̀ sábà máa ń gbẹ láìní irú ìpẹ́ bẹ́ẹ̀: irun ibẹ̀ máa ń re, òógùn kì í sì í jáde níbẹ̀ mọ́, kódà lóko nínú oòrùn.

Ìdí tí ọ̀kan fi ń pa ìmọ̀lára tí èkejì kò fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ wà nínú ibi tí kòkòrò kọ̀ọ̀kan ń gbé. Èyí tó ń fa làpálàpá kì í wọ inú ara lọ. Èèpo òkú tó bo awọ lókè, irun àti èékánná ni ó ń jẹ. Àwọn iṣan ìmọ̀lára wà nísàlẹ̀ èèpo yìí, kòkòrò náà kì í sì í dé ọ̀dọ̀ wọn. Bí làpálàpá ti wù kó fẹ̀ tó, ẹni tó ni ín yóò ṣì mọ̀ bí eṣinṣin bá bà lé e.

Kòkòrò ẹ̀tẹ̀ yàtọ̀. Àmáúà Hánsẹ̀nì, dókítà ọmọ Nọ́wè, ló rí i ní ọdún 1873 nílùú Bẹ́gẹ̀nì. Inú àwọn iṣan ìmọ̀lára gan-an ni ó fẹ́ràn láti gbé, pàápàá àwọn tó wà nítòsí awọ níbi tí ara ti tutù díẹ̀: apá, ẹsẹ̀, etí, imú, ojú. Ó máa ń lọ́ra jọjọ. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ni ó ń gbà kí ọ̀kan tó di méjì. Nítorí náà, láti ìgbà tó wọ ara dé ìgbà tí àmì yóò hàn, ọdún márùn-ún ló sábà máa ń kọjá, ó sì lè tó ogún ọdún. Nígbà tí ara bá wá jí sí i tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá a jà, inú iṣan ni ìjà náà ti ń ṣẹlẹ̀, iṣan a sì bà jẹ́. Àwọn iṣan tín-ín-rín tó ń mọ ooru àti òtútù ló sábà máa ń kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà ni ti ìfọwọ́kàn fẹ́ẹ́rẹ́ àti ti ìrora.

Ọ̀nà tí a fi ń fi òwú dán an wò ní ìlànà. A ó fa òwú díẹ̀ kó tẹ́ẹ́rẹ́, a ó sì fi ṣónṣó rẹ̀ kan ara tó dára lójú aláìsàn, kó lè mọ ohun tí a fẹ́ ṣe. A ó sọ fún un pé ibikíbi tí ó bá ti mọ̀ ọ́n lára ni kó fi ìka kan ṣoṣo tọ́ka sí. Nígbà tí ó bá ti yé e, a ó ní kó di ojú. A ó wá máa kan ibi tó dára àti ojú àmì láìtẹ̀lé ètò kan, a ó sì máa dá ọwọ́ dúró díẹ̀ láàárín, kó má baà máa tọ́ka nítorí pé ó ń retí rẹ̀. Kíkàn ni, kì í ṣe fífà: bí a bá fa òwú lórí awọ, ó lè ré kọjá ojú àmì dé ibi tó dára, aláìsàn yóò sì dáhùn láti ibẹ̀. A kì í bi í pé, "Ṣé o mọ̀ ọ́n?" ní gbogbo ìgbà tí a bá kàn án, nítorí pé ìbéèrè náà fúnra rẹ̀ ti sọ fún un pé a ti kàn án.

Bí a bá mú obìnrin kan tó ń dín gàrí bí àpẹẹrẹ, ọ̀rọ̀ náà yóò túbọ̀ hàn. Ó wá pẹ̀lú àmì mẹ́ta: ọ̀kan léjìká, méjì lápá òsì. Ó ti ra ìpara làpálàpá lọ́jà, ó ti fi pa á fún oṣù mẹ́ta, kò lọ. Etí àmì náà kò ga, kò hó, kò sì yún un. Nígbà tó di ojú, ó tọ́ka sí gbogbo ibi tó dára tí òwú kàn láìṣì. Òwú kan àárín àmì ọwọ́ iwájú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò mira. Ojú iná àtijọ́ kan wà níbẹ̀ tí kò rántí ìgbà tí agbada jó o. Nọ́ọ̀sì wá fi ìka wá iṣan tó gba ẹ̀yìn ìgúnpá kọjá, èyí tí ń ta ènìyàn bí iná bí ìgúnpá bá gbá nǹkan. Ti òsì nípọn ju ti ọ̀tún lọ. Àmì tó ṣá tó sì kú, pẹ̀lú iṣan tó wú: èyí tó láti bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú láìdúró de ìdánwò mìíràn.

Òwú kì í yanjú gbogbo rẹ̀, ibẹ̀ sì ni òṣìṣẹ́ tó mọṣẹ́ ti ń yàtọ̀. Iṣan pọ̀ lójú tó bẹ́ẹ̀ tí àmì ẹ̀tẹ̀ tó wà níbẹ̀ lè ṣì mọ ìfọwọ́kàn. Ní ẹ̀yìn, kò sẹ́ni tó lè tọ́ka sí ojú ibi tí òwú kàn gẹ́lẹ́, nítorí náà bí ìka bá ṣì díẹ̀ níbẹ̀, kò túmọ̀ sí nǹkan kan. Àpá iná tó jinlẹ̀ lè kú láìjẹ́ ẹ̀tẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ máa ń ní ìrísí àpá. Èyí tó léwu jù ni irú ẹ̀tẹ̀ tí kòkòrò rẹ̀ pọ̀ lára: àmì rẹ̀ máa ń pọ̀, ìrísí rẹ̀ kì í ṣe kedere, ìmọ̀lára sì lè wà níbẹ̀ síbẹ̀. Ẹni tó bá gbé gbogbo ọkàn lé òwú yóò ní kí irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ máa lọ sílé. Nítorí èyí ni a fi gbọ́dọ̀ fọwọ́ wo iṣan ọrùn, ìgúnpá àti ẹ̀yìn orúnkún, kí a wo bóyá etí wú, bí iyèméjì bá sì wà, kí a ha oje díẹ̀ lára etí láti fi ẹ̀rọ amúǹkan-tóbi wò ó. Fún làpálàpá, ìpẹ́ tí a ha ni a ń wò bẹ́ẹ̀.

Egbòogi ẹ̀tẹ̀ kò gba owó lọ́wọ́ aláìsàn. Láti ọdún 1981 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti dábàá pé kí a máa lo oògùn púpọ̀ pọ̀ kí kòkòrò má baà borí ọ̀kan: rífámpísìnì, dápsónì àti kilofásímìnì. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, aláìsàn yóò gbé èyí tó lágbára mì lójú òṣìṣẹ́ ìlera. Ìyókù ni yóò máa lò nílé lójoojúmọ́. Bí àmì kò bá ju márùn-ún lọ, tí a kò sì rí kòkòrò nínú oje awọ, oṣù mẹ́fà ni. Bí ó bá jù bẹ́ẹ̀, oṣù méjìlá. Ó yẹ kí a sọ fún un ṣáájú pé ìtọ̀ yóò pọ́n, awọ yóò sì dúdú sí i, kí ẹ̀rù má baà mú un sá fún oògùn.

Oògùn yìí ń pa kòkòrò, ṣùgbọ́n kì í fi dandan dá ìmọ̀lára padà. Bí iṣan bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bà jẹ́ láàárín nǹkan bí oṣù mẹ́fà, dókítà lè fi oògùn tó ń pa ìwúlé gbà á là. Bí ó bá ti pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ojú ibẹ̀ sábà máa ń kú títí. Obìnrin onígàrí náà yóò ní láti máa fi aṣọ di ọwọ́ sídìí iná, kó sì máa fi ojú wá ọgbẹ́ lálaalẹ́, nítorí pé ìrora kò ní sọ fún un mọ́.

Lẹ́yìn èyí, àwọn ará ilé rẹ̀ ló kàn. A ó yẹ ara wọn wò láti orí dé ẹsẹ̀, pẹ̀lú òwú kan náà. Láti ọdún 2018, Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fọwọ́ sí i pé a lè fún ẹni tó ti pé ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí kò ní ẹ̀tẹ̀ tàbí ikọ́ ẹ̀gbẹ, ní rífámpísìnì ẹ̀ẹ̀kan péré láti dín ewu kù, bí aláìsàn bá gbà pé kí a sọ fún wọn. Kò dáàbò bò wọ́n tán, nítorí náà àyẹ̀wò náà yóò máa wáyé lọ́dọọdún fún ọdún mélòó kan.